Ọwọ́ Òsì Ni Bàbá Fi Ń Jẹ Iyán: Bí A Ṣe Lè Wo Fíìmù Gidi Lọ́fẹ̀ẹ́ Láìrú Òfin

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ àwọn olùwo fíìmù kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí olùsọ̀rọ̀ sì tún kọ sílẹ̀ fún kíkà.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Alága wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè rí fíìmù tó dára wò lọ́fẹ̀ẹ́ láìrú òfin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sì máa ń bi wá jù lọ nídìí káńtà ni pé, "Mà, ṣé ọ̀fẹ́ ni?" Èyí tí n kò rántí pé ẹnikẹ́ni bi mí rí ni pé, "Mà, ta ló yọ̀ǹda rẹ̀?" Ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé, nítorí pé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wá ìdáhùn rẹ̀ kò ní pẹ́ rí i pé fíìmù tí olóhun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ fún aráyé pọ̀ ju èyí tí ènìyàn kan lè wò tán lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àdúgbò Ìlàrè. Ọmọ rẹ̀ ti so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, fíìmù Yorùbá kan ni wọ́n sì ń wò. Bàbá tó ṣe ọba nínú fíìmù náà jókòó sórí ìtẹ́, wọ́n gbé iyán wá fún un, ó ṣí abọ́, ó sì na ọwọ́ òsì sí iyán. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta: "Ẹ wo ọba tí wọ́n fi jẹ! Òsì ló fi ń jẹun!" A rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìyàwó kékeré kan kúnlẹ̀, ó fi òsì gba owó lọ́wọ́ bàbá ọkọ rẹ̀, inú ẹnikẹ́ni nínú fíìmù náà kò sì bàjẹ́ sí i. Ìgbà náà ni mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ìyàwó náà ni ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n kọ nǹkan sára ògiri rẹ̀, gbogbo lẹ́tà ibẹ̀ ló kọjú sódì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka ìwé nínú dígí.

Òṣèré wọ̀nyẹn kò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹni tó jí fíìmù wọn ló yí àwòrán náà padà kó tó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdí rẹ̀ kò ju pé YouTube ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Content ID, èyí tí ẹni tó ni fíìmù lè lò, tí yóò fi ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí ẹ̀rọ yóò sì máa fi gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn bá gbé wá wé ẹ̀dà náà. Kí ẹ̀rọ má baà dá ẹrù olè mọ̀, olè a yí ọ̀tún sí òsì, a fa àwòrán náà sún mọ́ra títí orí àwọn òṣèré yóò fi gé, a fi férémù aláwọ̀ mèremère yí i ká, tàbí kó mú ohùn yára díẹ̀ tí àgbàlagbà yóò fi máa dún bí ọmọ ọdún méjìlá. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ mọ̀ pé ẹni tó gbé fíìmù náà síbẹ̀ ń sá fún ẹnì kan. Olóhun kì í ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ kó tó pàtẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà olè ló máa ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Òmíràn mọ́ tónítóní. Nítorí náà, orí ìkànnì tí fíìmù wà ni a gbọ́dọ̀ gbé àyẹ̀wò wa kà. Ní ayé ìgbà tí àwo fíìmù ń jáde ní Ìdúmọ̀tà àti Alábà, orúkọ alágbàtà tó ra ẹ̀tọ́ fíìmù wà lára páálí rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùgbéjáde àti alágbàtà wa ló ti ní ìkànnì tiwọn lórí YouTube, níbi tí wọ́n ti ń fi odidi fíìmù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí owó ìpolówó ọjà sì ń wọlé fún wọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n kì í ti inú YouTube wá ìkànnì òṣèré tàbí olùgbéjáde. Ojú ewé rẹ̀ níbòmíràn ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, níbi tó ti ń bá àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, n ó sì tẹ líǹkì tí òun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìkànnì alágbàtà ni líǹkì náà gbé mi lọ, tí orúkọ ibẹ̀ kò sì jọ ti olùgbéjáde rárá, kò sí ìyọnu, nítorí pé olóhun ló júwe ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé ìkànnì tí kò bá jẹ́ orúkọ òṣèré ayédèrú ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ fíìmù ṣeé tà bí a ṣe ń ta ilẹ̀.

Àmì máàkì kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìkànnì náà ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ìkànnì tí iye àwọn tó ń tẹ̀lé e bá ti tó 100,000 ló lè béèrè fún un, ohun tó sì ń jẹ́rìí sí ni pé ẹni tó ni ìkànnì náà ni ẹni tó pe ara rẹ̀. Kò jẹ́rìí pé gbogbo fíìmù tó wà níbẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ìkànnì ọmọ ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe fíìmù lè má ní máàkì kankan kó sì jẹ́ ojúlówó. Ìpolówó ọjà tó ń jáde láàárín fíìmù náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé olóhun lè rí ẹ̀dà olè kó má pa á rẹ́, kó kàn ní kí YouTube máa da owó ìpolówó rẹ̀ sí àpò òun. Mo sọ èyí kí a má baà yára pe ẹnikẹ́ni ní olè níta gbangba. Àwa tí à ń wò, tiwa ni kí a wá ilẹ̀kùn tí olóhun ṣí.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n mú ilẹ̀kùn kan tí ó ṣí gbayawu, tí a sì lè wọ̀ pọ̀ láti orí òdo títí dé òpin. Àwọn ilé ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba kan wà lágbàáyé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tọ́jú fíìmù àtijọ́ orílẹ̀-èdè wọn. Kánádà ní tirẹ̀ tó ń ṣe fíìmù pẹ̀lú, National Film Board, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù rẹ̀ ló sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní nfb.ca. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Gúúsù Kòríà, tí wọ́n ń pè ní Korean Film Archive. Wọ́n ní ìkànnì kan lórí YouTube, Korean Classic Film lorúkọ rẹ̀, ó sì ju igba fíìmù àtijọ́ lọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní odidi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹ ṣe àyẹ̀wò tí mo wí: ẹ lọ sí ojúlé ilé ìpamọ́ náà fúnra rẹ̀, koreafilm.or.kr, kí ẹ ti ibẹ̀ dé orí ìkànnì wọn.

Fíìmù tí mo fẹ́ kí a wò níbẹ̀ ni The Housemaid, tí Kim Ki-young darí ní 1960. Ẹ ṣọ́ra, fíìmù mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ yìí, tí wọ́n ṣe ní 2010. Ti 1960 aláwọ̀ dúdú àti funfun ni mo ń sọ. Olùkọ́ orin kan àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ ìránṣọ tí ìyàwó ń ṣe nítorí ilé náà ti sọ ọ́ di aláàárẹ̀, wọ́n bá gba ọmọ ọ̀dọ̀ wọlé. Èmi kò ní sọ ìyókù, àfi pé kí ẹ fojú sí àkàsọ̀ ilé náà àti ìgò májèlé eku tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ti gba ọmọ ọ̀dọ̀ rí, tàbí tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fíìmù yìí fún un.

Ohun mẹ́ta ló máa ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nídìí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èdè. Bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ CC, bọ́tìnnì tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Bí ẹ bá wọ inú "Settings", tí ẹ rí "English" lásán, ènìyàn ló túmọ̀ rẹ̀, òun ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ pé èyí tí wọ́n kọ "auto-generated" tàbí "auto-translate" sí lára ni, ẹ̀rọ ló ń méfò, ẹ ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mu. Nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì wà. Ní ilé tèmi, ọmọ ọmọ mi ló máa ń ka ìsàlẹ̀ àwòrán fún ìyá ọkọ mi ní Yorùbá, ó sì ti mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí.

Èkejì ni owó dátà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iye tí mo bá pè gbọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Lórí YouTube, bí ẹ bá fi "Quality" sílẹ̀ lórí "Auto", ẹ̀rọ yóò máa gbé àwòrán lọ sókè ní gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, dátà yóò sì máa ṣàn lọ bí omi. Ẹ wọ "Quality", ẹ tẹ "Advanced", ẹ yan 360p. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ibi tí fóònù ti ń ka dátà tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan jẹ, ẹ kọ iye tó wà níwájú YouTube sílẹ̀. Ẹ wo fíìmù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì padà lọ wo iye náà. Ní ọwọ́ tèmi, MB márùndínláàádọ́ta ló lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fíìmù náà tó nǹkan bí wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀nà mọ́kànlá, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ kò ní ju bí ìdajì GB kan lọ. Nígbà tí mo dán 720p wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Lójú fóònù, fún fíìmù 1960, n kò rí ohun tí ìlọ́po mẹ́ta náà fi kún un.

Ẹ̀kẹta ni pé ní àwọn ibì kan nínú fíìmù náà àwòrán á ṣàdédé dọ̀tí, yóò sì padà mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe wọ́n, wọn a sì gbé fóònù lọ sí ojú fèrèsé. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí wọ́n rí ògidì nẹ́gẹ́tíìfù fíìmù yìí ní 1982, ìdì méjì ti sọnù nínú rẹ̀. Ní 1990 ni wọ́n tó rí ẹ̀dà kan tí ìdì méjèèjì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà-gàdàgbà sí ara àwòrán ẹ̀dà náà. Nígbà tí ilé ìpamọ́ wá ń tún fíìmù náà ṣe, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2008, ńṣe ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà nu ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kúrò lára àwòrán níkọ̀ọ̀kan. Ojú ọgbẹ́ náà ni ẹ ń rí. Ẹ lè dán an wò: bí ẹ bá dá fíìmù padà sí ibi kan náà, tí ìdọ̀tí náà sì tún jáde ní ibi tó ti jáde tẹ́lẹ̀, ara fíìmù ló wà, bó bá ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, ẹ lè máa bínú sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín.

Ẹ ó béèrè pé ilé ìkàwé ńkọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti jẹun jùlọ. Yíyá fíìmù ní ilé ìkàwé ní ọ̀nà méjì, ọ̀nà méjèèjì kò sì jọra. Ti àkọ́kọ́ ni àwo tí ilé ìkàwé fi owó rà, tó wà lórí pẹpẹ bí ìwé, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ yá ọ títí di ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí àwo náà bá wà lóde, kò sí lórí pẹpẹ, o ó dúró de ẹni tó mú un lọ. Ti kejì ni èyí tí ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, irú Kanopy, tó jẹ́ pé nọ́ńbà káàdì ilé ìkàwé ni ènìyàn fi ń wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Gẹ̀ẹ́sì lè ti ní ẹ̀tọ́ sí i láìmọ̀, bí ilé ìkàwé àdúgbò tí wọ́n ń gbé bá ti san owó rẹ̀. Kí wọ́n béèrè ní káńtà.

Mo jẹ gbèsè ìjẹ́wọ́ kan níbí. Nígbà tí mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ọmọ tuntun ní Amẹ́ríkà, ó fi káàdì rẹ̀ ṣí Kanopy fún mi kí ilé má baà sú mi. Mo wo fíìmù kan, mo wo òmíràn, èyí tí kò bá wù mí n ó fi sílẹ̀ láàárín n ó mú òmíràn. Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó láti wo fíìmù kan tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà fún, ẹ̀rọ sọ fún wọn pé tíkẹ́ẹ̀tì oṣù náà ti tán. Èmi ni mo jẹ ẹ́ tán. Ẹnu yà mí, nítorí pé lójú mi, ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í tán.

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Àwo tí ilé ìkàwé bá rà, owó ẹ̀ẹ̀kan ni, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá yá a, owó kò yí padà. Ti Kanopy, bí àwọn oníkáàdì bá ṣe ń wo fíìmù sí i ni gbèsè ilé ìkàwé ń pọ̀ sí i, ọ̀fẹ́ tí olùwo rí, ẹlòmíràn ló ń san án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka tíkẹ́ẹ̀tì fún ènìyàn lóṣooṣù. Ní 2019, àwọn ilé ìkàwé ńlá mẹ́ta tó wà ní ìlú Niú Yọ́ọ̀kì jáwọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé owó náà ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì kó ka àlàyé fíìmù dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé fíìmù tí o wo ìlàjì rẹ̀ tí o fi sílẹ̀ ti jẹ tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ọmọ yín má sì fi nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní Ifẹ̀ níbí, nítorí pé orúkọ ẹni tó wà lára káàdì nìkan ni ilé ìkàwé ń sanwó fún, ẹ̀tọ́ tí Kanopy rà lórí àwọn fíìmù náà sì ní ààlà ilẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Àwa kì í dá wo fíìmù, à ń kóra jọ ni. Wíwò nínú ilé àti fífi han èrò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ wọn. Ìwé àdéhùn YouTube sọ ọ́ gbangba pé wíwò ti ara ẹni ni wọ́n yọ̀ǹda, kì í ṣe gbígbé e sára ògiri fún àwùjọ. Àwo tí a yá ní ilé ìkàwé náà, ilé ló wà fún, àfi tí wọ́n bá ra ẹ̀tọ́ ìfihàn mọ́ ọn. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìgbìmọ̀ ní ọdún tó kọjá, akọ̀wé wa ní, "Mà, ó ti parí nìyẹn." Kò parí. Ẹ kọ ìwé sí olùgbéjáde kí ẹ tọrọ àṣẹ. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan sọ pé kí a máa wò ó, ẹnì kejì kò fèsì, a sì gbé tirẹ̀ tì. Tàbí kí a mú fíìmù tí ọjọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fún fíìmù ní 50 ọdún láti òpin ọdún tí ó kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí sáré gbé fíìmù Nàìjíríà tó jáde ní 1970. Kongi's Harvest jáde ní ọdún náà, ṣùgbọ́n inú eré oníṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n ti mú un, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ìwé rẹ̀ sì ń bẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bàbá ṣì wà láyé, a dúpẹ́. Fíìmù lè dàgbà kí ìtàn inú rẹ̀ má tíì dàgbà.

Èyí tí a wá mú ni The General, fíìmù Buster Keaton ti 1926, tí ọjọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti tán ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe é, tó sì ti tán níbí pẹ̀lú. Fíìmù aláìlóhùn ni, nípa awakọ̀ ojú irin kan tí àwọn ọ̀tá jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. A rí i ní archive.org. Ẹ̀dà pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè gbé nǹkan síbẹ̀, ohun tó bá sì kọ sí iwájú "Usage" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀, kì í ṣe ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Ọdún tí fíìmù jáde ni kí ẹ gbára lé, kì í ṣe ohun tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kọ. Lábẹ́ "DOWNLOAD OPTIONS", ẹ ó rí oríṣiríṣi fáìlì pẹ̀lú bí ìwọ̀n wọn ṣe tó, kí ẹ mú MPEG4 tàbí H.264, nítorí pé ọ̀pọ̀ fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ló mọ̀ wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ di wá lọ́wọ́. Ẹ̀dà tí a rí ní orin nínú. Fíìmù ti 1926 kò lóhùn, nítorí náà ẹnì kan ló ṣe orin náà lẹ́yìn ìgbà náà, orin sì ní olóhun tirẹ̀. N kò rí orúkọ olórin náà níbikíbi lójú ewé yẹn. A yọ ohùn náà kúrò nínú fáìlì wa pátápátá. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ ọmọ Àyàn, bá ní òun àti àbúrò òun yóò lù ú.

Wọ́n wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹta ní pálọ̀ mi, láìsí ohùn. Ìyáàlù wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n, gúdúgúdú wà lọ́rùn àbúrò. Wọ́n fi gúdúgúdú ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀, fàkàfíkì, fàkàfíkì, tí ń yára bí ọkọ̀ bá ti ń yára, ìyáàlù sì ń bá awakọ̀ náà sọ̀rọ̀, ó ń kì í, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí igi ìdáná ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sáàárín àwòrán kò pọ̀. Èmi ni mo ń kà á ní Yorùbá láti ẹ̀yìn. Ibì kan ló fa iyàn láàárín wọn: ibi tí afárá ti já, tí odidi ọkọ̀ ojú irin sì wọ inú odò. Ọkọ̀ gidi ni wọ́n jẹ́ kó já sínú odò gidi lọ́jọ́ náà. Àbúrò ní kí ìlù méjèèjì bú sígbe. Ẹ̀gbọ́n ní rárá, ńṣe ni kí àwọn dákẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a fi í hàn nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀gbọ́n ló borí. Nígbà tí iná mú afárá, gúdúgúdú rọra dínkù, ìyáàlù dúró, kò sì sí ohun tí a ń gbọ́ mọ́ ju jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ náà tẹ̀, ó ṣubú. Bàbá kan ní ìlà kẹta fọwọ́ lé orí. Lẹ́yìn tí a tanná, bàbá náà wá bá mi, ó yọ fìláàṣì kékeré kan nínú àpò agbádá rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ọmọ òun ní Iléṣà gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ yẹn, ó sì rọra béèrè bóyá òfin gbà á. Mo ní, "Bàbá, òfin gbà á." Mo ki fìláàṣì náà bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, a sì jọ dúró dè é títí tó fi parí.